Lógò mẹ́ta ni mo yà fún Àlàájà elélùbọ́, èkejì ni mo fẹ́ kí wọ́n mú. Báwo ni kí n ṣe kọ ímeèlì náà?

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kọ́sítọ́mà kan, Àlàájà tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà, Ṣakí ni wọ́n ti ń kó o wá. Wọ́n wá fẹ́ máa dì í sí náílọ́ọ̀nù kílò kan àti kílò méjì kó lè wọ súpámákẹ́ẹ̀tì. Lógò mẹ́ta ni mo yà. Èkínní, ìyá àgbà tó wé gèlè tó ń ro àmàlà, èéfín ń rú, kọ́lọ̀ mẹ́fà pẹ̀lú òjìji. Èkejì, omorogùn kan ṣoṣo tó nàró ṣánṣán lórí àmàlà tó ga bí òkè kékeré, kọ́lọ̀ búráùn nìkan, orúkọ ọjà wà lábẹ́ ẹ̀ ní lẹ́tà kíki. Ẹ̀kẹta, orúkọ náà nìkan bí ìgbà téèyàn fọwọ́ kọ ọ́, ìrù lẹ́tà tínínrín, kọ́lọ̀ góòlù. Èkejì ló dáa jù lójú mi, àmọ́ ọmọ Àlàájà ọkùnrin ti rí èkínní lórí fóònù mi, ó lóun ò fẹ́ òmíràn mọ́. Wọ́n ní kí n kọ ímeèlì kí n sọ èwo ni kí wọ́n mú àti ìdí ẹ̀, kí n fi Yorùbá kọ ọ́ torí Àlàájà fúnra wọn ló máa kà á. Ohun tí mo kọ rèé, ṣé kí n fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

> Ẹ káàárọ̀ mà. Nínú lógò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èkejì ni mo máa gbà yín nímọ̀ràn. Ó rọrùn, ó bá ìgbà mu, ó sì dọ́gba. Àyè tó ṣófo nínú ẹ̀ ń mí dáadáa. Ó ń sọ ìtàn ọjà yín. Mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ ṣeun mà.

Bàbá Ṣómólú

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ṣómólú níbí ni mo ti ń tẹ̀wé láti 1996, náílọ́ọ̀nù, kátọ̀n, sítíkà, gbogbo ẹ̀ ló ti gba ọwọ́ mi kọjá. Lẹ́tà tó o kọ yẹn ò burú létí, àmọ́ kò sí èlùbọ́ nínú ẹ̀. Tí mo bá mú un báyìí tí mo fi ránṣẹ́ sí oníbàtà, kò sí ọ̀rọ̀ kan tí mo máa yọ kúrò. Àlàájà ò ní mọ ohun tí "àyè tó ṣófo ń mí" jẹ́, wọ́n á kàn rò pé ò ń fi gírámà bo àwọn lójú ni, ọmọ wọn á dẹ̀ sọ pé "Mọ́mì, ti ìyá àgbà yẹn ló mà dáa," ó parí nìyẹn.

Kí n tó sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, dá mi lóhùn. Náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fẹ́ lò, ṣé èyí tó mọ́ gaara téèyàn á máa rí èlùbọ́ nínú ẹ̀ ni àbí funfun? Báwo ni lógò ṣe máa tóbi tó lára ẹ̀? Ṣé o ti tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí bébà ní ìwọ̀n yẹn àbí ojú kọ̀ǹpútà nìkan lo ti ń wò wọ́n?

Ọ̀gá Fóńtì

Wàhálà tó o kó sí yìí, ìwọ lo fọwọ́ ara ẹ fà á. Ta ló ní kó o fi mẹ́ta han kọ́sítọ́mà? Ẹ lọ wo ohun tí Paul Rand ṣe fún Steve Jobs ní 1986 nígbà tó ń ya lógò NeXT, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Jobs, fún un. Jobs ní kó ya oríṣiríṣi wá, bàbá yẹn ní rárá, ẹyọ kan ni mo máa yà, ẹ lò ó ẹ má lò ó, ẹ máa sanwó mi. $100,000 ló dẹ̀ gbà. Èmi fúnra mi, ẹyọ kan ni mo máa ń fi hàn. Pa èkínní àti ẹ̀kẹta rẹ́, sọ fún Àlàájà pé fáìlì ti bàjẹ́.

Bàbá Ṣómólú

Ọ̀gá Fóńtì, ìdajì òótọ́ lẹ sọ. Lóòótọ́ ni Rand fi ẹyọ kan hàn, àmọ́ ẹ ò sọ pé odindi ìwé kékeré ló ṣe láti fi ṣàlàyé bó ṣe dé ìdí ẹyọ kan yẹn, ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn. Àlàyé yẹn gan-an ni ọmọ yìí ń bi wá léèrè. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹni tó ti bá kọ́sítọ́mà ṣàdéhùn lógò mẹ́ta gbọ́dọ̀ gbé mẹ́ta wá. Ti pé kó ní fáìlì bàjẹ́ yẹn, ọmọkùnrin náà ti rí i lórí fóònù, ẹ ò fẹ́ kí wọ́n pe ọmọ ọlọ́mọ ní òpùrọ́.

Sìsí Aláṣọ Ẹgbẹ́

Ẹ kú àpérò o. Ṣé lógò lẹ ń wá ni? Mo ní ẹnì kan tó ń yà á, ó máa ń tètè parí, kẹ́ ẹ kàn kọ nọ́ńbà yín sí ìsàlẹ̀.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Rárá o Sìsí, èmi gan-an ni mo yà á, bí mo ṣe máa ṣàlàyé fún kọ́sítọ́mà ni mò ń bèèrè 😂

Bàbá, ẹ ṣé gan-an sà. Náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara ni o, Àlàájà ní àwọn oníbàárà máa fẹ́ rí i pé èlùbọ́ ò ní ìdọ̀tí. Ìwọ̀n lógò, mo rò pé nǹkan bíi 6 cm níbùú lójú náílọ́ọ̀nù kílò kan, àmọ́ wọ́n tún ní àwọn máa fi ṣe sítíkà kékeré, ìyẹn 3 cm. Mi ò tíì tẹ ìkankan sórí bébà, ká má parọ́.

Sìsí Aláṣọ Ẹgbẹ́

Áà, mo ṣì í kà, ẹ má bínú. Tó bá jẹ́ ti pé lógò tó lẹ́wà lè dani láàmú, èmi náà ní ìtàn tèmi. Ẹgbẹ́ kan ní ká ṣe fìlà fún àwọn, ká fi òwú kọ lógò wọn síwájú ẹ̀. Lógò yẹn ní lẹ́tà tínínrín yípo gbogbo etí ẹ̀, orúkọ ẹgbẹ́ àti ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ parí iṣẹ́, gbogbo lẹ́tà yẹn ti di kókó òwú, "o" àti "e" ò ṣeé dá mọ̀, àfi bíi pé eṣinṣin jókòó yí fìlà ká. Èmi ni wọ́n bá jà, wọn ò bá ẹni tó ya lógò jà o! Fìlà ogójì ni mo tún ṣe lówó ara mi. Láti ìgbà yẹn, lẹ́tà tí ò bá ga tó 5 mm, mi ò kì í gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti fi òwú kọ.

Bàbá Ṣómólú

Sìsí, ẹ ò mọ̀ pé ẹ ti dá a lóhùn. Ohun tó ṣe fìlà yín náà ló máa ń ṣe náílọ́ọ̀nù.

Ọmọ mi, lọ ṣe nǹkan mẹ́ta yìí kó o tó tún lẹ́tà kọ. Tẹ lógò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí bébà, 6 cm kan, 3 cm kan. Kó wọn lọ sọ́dọ̀ oní-fọ́tòkọ́pì, kó ṣe é dúdú àti funfun. Lẹ́yìn náà, ra èlùbọ́ gidi, rọ ọ́ sínú náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara, wá mákà tí àwọ̀ ẹ̀ jọ ti lógò kọ̀ọ̀kan, kó o yà wọ́n sára náílọ́ọ̀nù yẹn, bó bá wọ́ ò ṣe nǹkan kan. Gbé e lé orí ṣẹ́ẹ̀fù, rìn sẹ́yìn bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, kó o wá sọ ohun tó o rí fún wa. Má ṣe sọ ohun tó o fẹ́ rí o.

Ìyá Pẹ́kámù

Ẹ̀yin èèyàn mi, Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, èmi lẹ ń ta èlùbọ́ náà fún nígbẹ̀yìn o, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Lọ́dọ̀ wa ní Pẹ́kámù, ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ra nǹkan, ìdajì ohun tó wà ní ṣẹ́ẹ̀fù ló ní ìyá tó ń ro ọkà lára. Ẹni wé gèlè, ẹni ò wé. Mi ò mọ orúkọ ìkankan nínú wọn, "èyí tí etí ẹ̀ pupa" ni mo máa ń sọ tí mo bá rán ọmọ mi. Ẹ tún gbọ́ o, wọn kì í tò wọ́n nàró, orí ara wọn ni wọ́n ń kó wọn lé bí ìrọ̀rí, apá òkè náílọ́ọ̀nù nìkan léèyàn ń rí.

Àmọ́ kí n sọ òótọ́, tó bá jẹ́ èmi ni, èkínní ni mo máa mú. Bẹ́ ẹ ṣe ṣàpèjúwe ìyá yẹn báyìí, ìyá mi ló wá sí mi lọ́kàn.

Ọ̀gá Fóńtì

Ẹ ṣé, Ìyá. Ìyẹn fi hàn pé ọmọ Àlàájà ò ṣì í.

Mọ́kọ́lá, tó o bá fẹ́ kí wọ́n gbà fún ẹ, jẹ́ kí wọ́n rí i pé o kàwé. Sọ fún wọn pé búráùn jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, ó ń jẹ́ kí àwọn èèyàn fọkàn tán ọjà. Sọ nípa CMYK tí wọ́n fi ń tẹ̀wé àti RGB ti ojú kọ̀ǹpútà. Kọ́sítọ́mà tí ò bá yé ló máa ń gbà kíákíá.

Bàbá Ṣómólú

Ẹni tí ò bá yé tó sì gbà, òun náà ló máa yí ọkàn padà tí àbúrò ìyàwó ẹ̀ bá dé láti Àbújá tó ní "kí lèyí?" Torí kò ní ọ̀rọ̀ tó máa fi dá a lóhùn. Kí ó lè yé Àlàájà débi pé wọ́n á lè fẹnu ara wọn sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, ohun tí à ń wá nìyẹn.

CMYK yẹn, ó kàn án lóòótọ́, àmọ́ èmi àti ọmọ yìí ló kàn, kò kan Àlàájà.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ káalẹ́ o. Mo ti ṣe é. Ojú tì mí díẹ̀.

Èkínní: ní 6 cm ó ṣì dáa, ní 3 cm ojú ìyá àgbà ti di àbààwọ́n, imú ò yàtọ̀ sí ẹnu. Lórí fọ́tòkọ́pì, gèlè, èéfín àti ìkòkò para pọ̀, dúdú kan ṣoṣo ni gbogbo wọn, àbúrò mi ní ṣé mọ́tò tó jóná ni. Ẹ̀kẹta: góòlù tó ń dán lójú kọ̀ǹpútà di yẹ́lò tó ṣá lórí bébà, ìrù lẹ́tà já sí méjì mẹ́ta ní fọ́tòkọ́pì, orúkọ ò ṣeé kà mọ́. Èkejì dúró digbí nínú gbogbo ìyẹn, ní 3 cm téèyàn ṣì ń rí omorogùn, inú mi ti ń dùn.

Ni mo bá fi mákà búráùn yà á sára náílọ́ọ̀nù tí èlùbọ́ wà nínú ẹ̀. Mo gbé e lé orí fíríìjì, mo rìn dé ẹnu ọ̀nà, mo yíjú padà. Mi ò rí nǹkan kan! Búráùn lórí búráùn. Èlùbọ́ gbé lógò mì pátápátá, àfi ìgbà tí mo sún mọ́ ọn tí iná tàn sí i ni mo tó rí etí ẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ kọ lẹ́tà lé lórí pé òun ló dáa jù nìyẹn o.

Bàbá Ṣómólú

Mo ti mọ̀ látìgbà tó o ti pè é ní búráùn, àmọ́ tí mo bá sọ ọ́ fún ẹ o ò ní gbà.

Gbọ́. Íǹkì orí náílọ́ọ̀nù kì í dì bíi kíkùn ilé, ohun tó bá wà lẹ́yìn ẹ̀ máa ń yọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń tẹ funfun sábẹ́ kọ́lọ̀. Tó bá jẹ́ ìta náílọ́ọ̀nù ni wọ́n ń tẹ̀, funfun ló máa ṣáájú, búráùn á wá gùn ún. Kọ́lọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní pèlétì tiẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, pèlétì kọ̀ọ̀kan la sì ń sanwó fún, torí náà má tún kọ ọ́ fún Àlàájà pé kọ́lọ̀ kan lógò ẹ. Méjì ni, funfun jẹ́ ọ̀kan. Tí o bá sọ pé ọ̀kan ni, tí oníṣẹ́ náílọ́ọ̀nù wá gba owó méjì, ìwọ ni wọ́n máa fi ṣe olè. Ṣùgbọ́n wò ó, èkínní tó o ní kọ́lọ̀ mẹ́fà, ó ti di méje nìyẹn, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kéékèèké tí wọ́n fi ń tẹ náílọ́ọ̀nù ò dẹ̀ lè gbé méje.

Ọ̀kan ṣì kù. Náílọ́ọ̀nù máa ń fà bó ṣe ń gba inú ẹ̀rọ kọjá, kọ́lọ̀ kejì lè ṣàìbọ́ sójú ibi tó yẹ, á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Tó o bá ṣe funfun bí omorogùn gẹ́lẹ́, á yọ létí kan bíi síńgílẹ́ẹ̀tì tó yọ lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣe odindi róbótó funfun, kó o gbé omorogùn àti orúkọ sínú ẹ̀, jẹ́ kí àyè wà létí. Bó bá yẹ̀ ní 1 mm, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Èkínní tìẹ ńkọ́, níbi tí ojú, gèlè àti òjìji ti ń fara kan ara wọn? Tí kọ́lọ̀ kan bá yẹ̀ níbẹ̀, ẹnu ìyá àgbà á bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Sìsí Aláṣọ Ẹgbẹ́

Ẹnu á bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ 😂😂 Bàbá ẹ ò ní pa mí.

Oníbúrẹ́dì

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, èmi ò mọ nǹkan kan nínú lógò, búrẹ́dì ni mò ń ṣe, àmọ́ mo ti gba irú ímeèlì yìí rí. Ẹni tó kọ tèmi ní "ẹ mú B, òun ló péye, A àti C ò dáa." Mo bínú. Tí A àti C ò bá dáa, kí ló dé tó o fi gbé wọn wá, tí mo sì sanwó fún un? Mo fi ìbínú mú C. Ọdún méjì ni mo lò ó kí n tó pààrọ̀ ẹ̀, torí pé kò hàn lára náílọ́ọ̀nù búrẹ́dì, B yẹn ló yẹ kí n mú.

Ohun tí mo ń fẹ́ gbọ́ nígbà náà ni pé, tí mo bá mú B, kí ni màá pàdánù? Kò sọ. Kò tún jẹ́ kí n mọ̀ bóyá mo ṣì lè lo A tó wù mí yẹn níbòmíràn. Ọmọ Àlàájà yẹn, má dójú tì í. Ìyá ẹ̀ ló máa ka lẹ́tà yẹn, òun náà á dẹ̀ jókòó tì í.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára mà. Ibo wá ni kí n sọ pé kí wọ́n ti lo ti ìyá àgbà yẹn?

Bàbá Ṣómólú

Bánà àti pátákó ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ bánà, kò sí ọ̀rọ̀ pèlétì níbẹ̀, kọ́lọ̀ méjì àti kọ́lọ̀ ogún, ọ̀kan náà ni, bí bánà bá ṣe tóbi tó lowó ṣe máa pọ̀ tó. Ojú ìyá àgbà á tóbi, á hàn, inú ọmọkùnrin náà á dùn. Ṣùgbọ́n àwòrán ni kó o pè é, má pè é ní lógò mọ́, kí wọ́n má baà ní lógò méjì.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Mo tún un kọ. Mo ti gbé èkejì sínú róbótó funfun, mo ya fọ́tò náílọ́ọ̀nù mẹ́ta tí mo kó èlùbọ́ sí, mo fi bébà tí mo gé lẹ lógò kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò:

> Àkòrí: Lógò èlùbọ́ yín, èkejì ni kẹ́ ẹ mú
>
> Àlàájà mà, ẹ kú ọjà, ẹ kú òòrùn.
>
> Nínú lógò mẹ́ta tí mo yà, èyí tó ní omorogùn ni mo ní kẹ́ ẹ lò. Mo ra èlùbọ́, mo rọ ọ́ sínú náílọ́ọ̀nù, mo fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sára ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo wá dúró lókèèrè wò wọ́n. Fọ́tò wọn wà nísàlẹ̀ lẹ́tà yìí, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i.
>
> Ẹ gbé fóònù yín jìnnà díẹ̀ kẹ́ ẹ tó wo fọ́tò náà. Omorogùn ló máa kọ́kọ́ hàn sí yín, orúkọ ọjà yín á sì tẹ̀ lé e. Bó ṣe máa rí lójú ẹni tó ń kọjá níwájú ṣẹ́ẹ̀fù nìyẹn. Ó tún máa hàn lára sítíkà kékeré àti nínú róbótó tí fọ́tò Wọ́ọ̀sáàpù yín máa ń wà.
>
> Lára náílọ́ọ̀nù, kọ́lọ̀ méjì ló máa gbà, funfun àti búráùn. Èmi tẹ́lẹ̀ rò pé ọ̀kan ni, àmọ́ nígbà tí mo fi búráùn nìkan dán an wò, èlùbọ́ ò jẹ́ kó hàn, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e sínú róbótó funfun. Kọ́lọ̀ kọ̀ọ̀kan ni oníṣẹ́ náílọ́ọ̀nù máa gbowó pèlétì ẹ̀. Ti ìyá àgbà máa gba méje.
>
> Ti ìyá àgbà yẹn lẹ́wà, mo sì mọ ìdí tí Bọ̀ọ̀dá fi fẹ́ràn ẹ̀. Ẹni tó bá rí i, ilé ló máa rántí. Omorogùn ò ní ojú èèyàn, kò lè ṣe ìyẹn, ohun tẹ́ ẹ máa pàdánù nìyẹn tẹ́ ẹ bá mú èkejì. Ṣùgbọ́n bó bá kéré, ojú ìyá àgbà ò ní hàn mọ́, ọ̀pọ̀ ọjà àwọn ẹlòmíràn náà sì ní ìyá tó ń ro ọkà lára. Mo ní ká fi í sí bánà àti pátákó ṣọ́ọ̀bù, ibi tó máa ti tóbi. Ẹ̀kẹta, tí mo fọwọ́ kọ orúkọ yín, ìrù lẹ́tà ẹ̀ ti tínínrín jù, á já tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sára náílọ́ọ̀nù.
>
> Tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ dá mi lóhùn pé "èkejì" kó tó di ọjọ́rú, kí n lè kó fáìlì fún oníṣẹ́ náílọ́ọ̀nù. Tí ohun kan bá ń kọ yín lóminú nínú ẹ̀, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí, mo lè tún un ṣe.
>
> Èmi ọmọ yín.

Bàbá Ṣómólú

Hẹn-ẹn. Èlùbọ́ ti wà nínú ẹ̀ báyìí. Ibi tó o ti sọ pé o ṣì í tẹ́lẹ̀ yẹn, àwọn kan á ní kó o yọ ọ́, má yọ ọ́. Àlàájà tó ti ń tajà látọjọ́ mọ ẹni tó ń sọ òótọ́ nípa ọjà ẹ̀.

Ọ̀gá Fóńtì

Ó gùn jù. Gbólóhùn méjì ló yẹ. Mi ò dẹ̀ fara mọ́ "ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí" yẹn, wọ́n á sọ nǹkan tó o máa kábàámọ̀.

Oníbúrẹ́dì

Tèmi, màá kà á tán. Àmọ́ ó lè gbé fọ́tò yẹn sókè lẹ́tà, kó máà jẹ́ ìsàlẹ̀. Èmi kì í kàwé kí n tó wo fọ́tò.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Mo ti gbé e sókè, mo ti fi ránṣẹ́. Ẹ bá mi ṣàdúrà.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin èèyàn mi! Àlàájà ò fèsì ímeèlì, wọ́n pè mí lórí fóònù láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní àwọn ka lẹ́tà náà fún ọmọ àwọn, wọ́n ní ó ní tí bánà bá máa tóbi kò sí wàhálà. Wọ́n mú èkejì. Inú mi ń dùn báyìí ni wọ́n bá ní, "Àmọ́ o, kí ni omorogùn ń wá lórí ọ̀gán?"

Mo ní ọ̀gán kẹ̀? Wọ́n ní àní ọ̀gán, ilé ikán. Wọ́n ní ibo ni mo ti rí àmàlà tó ń dá dúró sórí ilẹ̀ tó ga ṣóńṣó bẹ́ẹ̀, pé gbogbo ilé ló rí i tí wọ́n ń pe ọ̀gán. Mo gbé e wò, ó dà bíi pé ẹnì kan ṣẹ́jú sí mi. Ọ̀gán ni lóòótọ́ 😭 Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń wò ó, mi ò rí i.

Ọ̀gá Fóńtì

"Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí." Mo ti sọ tèmi.

Ìyá Pẹ́kámù

Ọ̀gán 😂😂😂 Mo ti ń ro ó lọ́kàn látàárọ̀ ohun tí èlùbọ́ ikán máa dùn tó. Ó kúkú dáa tí Àlàájà sọ ọ́ nísinsìnyí tí wọn ò tíì tẹ̀ ẹ́ sára ẹgbẹ̀rún náílọ́ọ̀nù.

Bàbá Ṣómólú

Kò le. Bù ú sí abọ́. Rẹ orí àmàlà yẹn sílẹ̀ kó rí bìrìkìtì, kó má ṣóńṣó mọ́, kó o wá fa etí abọ́ sábẹ́ ẹ̀ ní ìlà kan. Ìlà yẹn, má jẹ̀ẹ́ kó tínínrín torí 3 cm yẹn ló máa pa á. Tó bá jẹ́ búráùn lórí funfun, kó má dín ní 0.5 mm nígbà tí lógò bá kéré jù. Àyè funfun tó máa wà láàárín abọ́ àti àmàlà, jẹ́ kó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, íǹkì máa ń tàn dí irú ihò bẹ́ẹ̀, tó bá dí, abọ́ àti àmàlà á tún di ọ̀kan, ó ti tún padà di ọ̀gán nìyẹn.

Sìsí Aláṣọ Ẹgbẹ́

Abọ́ tánganran àbí igbá? Igbá ni kó o yà o, tánganran ò ṣe bí ẹni ti Ṣakí wá.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Igbá bìrìkìtì pẹ̀lú àmàlà bìrìkìtì, ṣé kò ní di bọ́ọ̀lù báyìí? Màá ya méjèèjì lálẹ́ òní, màá kọ́kọ́ fi han ìyá mi kí n tó fi ránṣẹ́ sí Àlàájà, mi ò ní sọ ohun tó jẹ́ fún wọn, màá kàn bi wọ́n pé kí lẹ rí.